Odídẹrẹ́ Tí Ń Wúkọ́

Ní àwọn ọdún tí àsíá ilẹ̀ wa ṣì tuntun lórí òpó, tí ahọ́n àwọn àgbà sì ń kọsẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́ pe Orílẹ̀-èdè Olómìnira Dàhòmì, mo jẹ́ ìyàwó ilé ní Ṣàkẹ́tẹ́, nínú ìdílé oníṣòwò tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí. Aṣọ ni ọkọ mi ń tà ní Àjàṣẹ́. Bí ọjà bá gbóná, a lè má fojú kàn án fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nínú ilé ńlá náà, èmi àti ìyá rẹ̀ ni a jọ ń gbé, pẹ̀lú ọmọ mi obìnrin tí ó ń kọ́ ìjókòó lọ́wọ́, àti odídẹrẹ́ kan tí ìyá ọkọ mi ti ní kí n tó wọlé wọn. Inú àgò tí a fi ọparun hun ni ẹyẹ náà ń gbé, a sì fi í kọ́ abẹ́ òrùlé àgbàlá.

Pọ́bẹ̀ ni a ti bí mi, ibẹ̀ ni mo sì ti kàwé. Ìwé tí mo ti kà láti ìgbà náà wá pọ̀, nítorí mi ò fi ojú mi ṣeré nígbà tí ó ṣì dára. Síbẹ̀ n kò tíì rí èyí tí ó ṣàlàyé fún mi, débi tí ọkàn mi yóò fi balẹ̀, ohun tí mo gbọ́ ní àgbàlá yẹn ní ọ̀sán Jímọ̀ kan.

Kí n tó bí ọmọbìnrin yìí, mo ti bí ọkùnrin kan. Ó ti ń rá kiri ilé nígbà tí ikọ́ mú un nínú ọyẹ́, ikọ́ náà kò sì fi í sílẹ̀ títí ó fi lọ. N kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ nípa ìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé kò pẹ́ tí a sin ín tí odídẹrẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́.

Ẹni tí kò gbọ́ ọ lè rò pé ẹyẹ ń sín ènìyàn jẹ ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ikọ́ ọmọ náà gan-an ni: kúkúrú, ó ní omi nínú, igbe kékeré kan sì máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀ bí ìgbà tí ọmọ fẹ́ sunkún tí èémí rẹ̀ kò tó o. Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ata ni mo ń lọ̀. Mo fi ọmọ ọlọ sílẹ̀, mo sáré wọ yàrá, mo sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ẹní tí ẹnikẹ́ni kò sùn lé. Lẹ́yìn náà ni mo tó rántí.

Ọkọ mi ní kí a ta ẹyẹ náà. Ìyá rẹ̀ kò gbà.

“Ohùn rẹ̀ nìkan ló kù,” ni ó wí. “Ìwọ tí o ń ta aṣọ, lọ máa ta aṣọ rẹ. Ta ni ó ń ta ohùn ọmọ ọmọ rẹ̀?”

Ọkọ mi wo ojú mi bóyá n óo gbè é. Mo kọjú sí iṣẹ́ mi. Òótọ́ ni pé ikọ́ náà máa ń mú kí irun orí mi dìde, ṣùgbọ́n bí ó bá pẹ́ tí n kò gbọ́ ọ, mo máa ń lọ dúró lábẹ́ àgò náà.

Ìyá ọkọ mi kì í ṣe oníṣègùn. Oníṣòwò obì ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá kan ọ̀rọ̀ ikọ́, láti Ìta Ìjẹ̀bú ni wọ́n ti ń wá a wá. Fún àgbàlagbà, orógbó ni ó máa ń rẹ́ wẹ́wẹ́, tí yóò sá a lóòrùn, tí yóò sì gún un kúnná pẹ̀lú atalẹ̀ àti ẹyọ ataare díẹ̀. Yóò wá pò ó mọ́ oyin ìgàn, kí oníkọ́ máa lá a láàárọ̀ àti lálẹ́. Oògùn gidi ni. Àgbà ni mí báyìí, mo sì ń lá a bí ọ̀fun bá ń yún mi.

Ti ọmọdé ni agbo. Yóò já ewé ìyeyè, yóò sì bó èèpo igi rẹ̀ láti ìhà tí oòrùn ti ń yọ. Yóò fi rinrin tí ó hù lẹ́bàá àmù kún un, àti ẹfínrín ṣíṣẹ́ méjì mẹ́ta. Yóò ṣan gbogbo rẹ̀ nínú omi tó mọ́, yóò tẹ́ èèpo sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, yóò to ewé lé e lórí, yóò bu omi tí yóò bò wọ́n mọ́lẹ̀, yóò sì fi ewé ìrókò bo ẹnu ìkòkò kí ó tó dé e. Iná tí kò le ni ó ń fẹ́. Bí ó bá hó tí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí omi bàbà, tí òórùn ẹfínrín gba ilé kan, yóò sọ̀ ọ́ kalẹ̀, yóò sì jẹ́ kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Òjò ìbáà rọ̀ tàbí kí ọyẹ́ mú, kì í fún ọmọ ní agbo tútù.

Rírọ ni a ń rọ ọ́. Yóò jókòó sórí àpótí, yóò na ẹsẹ̀ méjèèjì, yóò tẹ́ ọmọ gbalaja sí i, ojú rẹ̀ sókè ọ̀run. Yóò ká ọwọ́ òsì bí kòtò yí ẹnu ọmọ ká, àtẹ́lẹwọ́ yóò lẹ̀ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ pẹ́kípẹ́kí, agbo tí ó bá dà síbẹ̀ yóò sì kún dé imú. Ọmọ yóò máa jà. Bí ó bá fẹ́ mí, dandan ni kí ó kọ́kọ́ gbé mì. Ọwọ́ náà kì í sì í ṣí, nítorí èèwọ̀ kan wà nínú agbo náà: kò gbọdọ̀ kán sílẹ̀. Ìyá ọkọ mi gbà pé èyí tí ó bá kán sílẹ̀ ni àìsàn ń lá, tí yóò fi lágbára láti padà wá. Nítorí náà ó máa ń di ọmọ mú títí ẹ̀kán ìkẹyìn yóò fi wọlé. Gbogbo ìyá ní àdúgbò wa ni ó ń rọ ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rọ èmi náà dàgbà. N kò rí ohun tó burú níbẹ̀.

Ikọ́ mú ọmọbìnrin mi ní ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́. Ikọ́ gbígbẹ lásán ni, irú èyí tí eruku ń fà. Ìyá ọkọ mi gbé ìkòkò kaná.

“Fi orogún mi sílẹ̀ fún mi,” ni ó wí, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ó ń pe ọmọ náà, ní àwàdà. “Ìwọ lọ wá nǹkan jẹ. O ti gbẹ bí ẹja yíyan. Ọmọ kì í mu ọmú igi.”

Fún ọjọ́ mélòó kan, ó dà bí ẹni pé ikọ́ náà ń fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ikọ́ náà yí padà. Ó di kúkúrú, ó ní omi nínú, igbe kékeré sì ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ ikọ́ yẹn lẹ́ẹ̀kan kò tún nílò kí a júwe rẹ̀ fún un.

Odídẹrẹ́ náà mọ̀ ọ́n pẹ̀lú. Bí ọmọ bá wúkọ́ nínú yàrá, ikọ́ kan á dá a lóhùn láti àgbàlá, ọ̀kan náà, bí ìgbà tí ẹ̀gbọ́n ń dá àbúrò lóhùn. Ó wá di pé n kò mọ èyí tí ó jẹ́ ti ọmọ mi mọ́. Mo lè wà ní ìdí ààrò, kí n gbọ́ ọ, kí n dúró, kí n máa retí èkejì. Bí ọmọ bá sùn, ẹyẹ á wúkọ́ nìkan, á dákẹ́, á tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí ẹni tí ń retí ìdáhùn.

Ìyá ọkọ mi kò ṣiyè méjì nípa ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó ń pè é,” ni ó wí fún mi, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ kí ẹyẹ má baà gbọ́. “Ọmọ yìí kò gbọdọ̀ rékọjá ìloro. Bí ó bá jáde, yóò bá a lọ.” Ó fi aṣọ bo àgò náà. Ikọ́ náà wá ń jáde láti abẹ́ aṣọ. Agbo tí ó ń rọ ní ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ wá di ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Ara ọmọ gbóná bí ẹyín iná. Ó ń kọ ọmú, nítorí bí ó bá mú un sẹ́nu, kò lè mí tó. Mo rí i pé ihò imú rẹ̀ ń fẹ̀ bí ó bá ń mí, ẹran abẹ́ ìhà rẹ̀ sì ń wọnú.

Ní ọ̀sán Jímọ̀ yẹn, ìyá ọkọ mi lọ kírun. Ilé dákẹ́. Ọmọ sùn, tàbí kí n sọ pé ó rẹ̀ ẹ́ débi tí ojú rẹ̀ fi pa dé. Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà yàrá, níbi tí mo ti lè gbọ́ èémí rẹ̀. Atẹ́gùn ọyẹ́ ti ṣí aṣọ orí àgò, ẹyẹ náà sì ń wò mí.

Nígbà náà ni ìyá ọkọ mi sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: “Gbé e mì, ọkọ mi. Gbé e mì.”

Mo yí padà. Kò sí ẹnìkan.

Ọkọ mi. Kì í ṣe orogún mi. Ọmọkùnrin nìkan ni ìyá ọkọ mi máa ń pè bẹ́ẹ̀, kò sì sí ọmọkùnrin nínú ilé náà mọ́. Láti inú àgò náà ni mo ti wá gbọ́ ìró omi nínú ọ̀fun, gbùlú, gbùlú, bí ìgbà tí a tẹ akèrègbè bọ odò. Lẹ́yìn náà, ìdákẹ́jẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ náà wà lára ohun tí ẹyẹ náà ń sọ. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ìró kankan kò sì jáde. Lẹ́yìn ìdákẹ́jẹ́ náà ni ikọ́ tó dé, kúkúrú, pẹ̀lú omi nínú rẹ̀, àti igbe kékeré.

Ó tún un ṣe. Gbé e mì, ọkọ mi. Omi. Ìdákẹ́jẹ́. Ikọ́.

N kò lè sọ iye ìgbà tí ó tún un ṣe. Láti ìgbà tí ọmọ mi ti lọ, ìrù ọ̀rọ̀ náà nìkan ni ẹyẹ yẹn ti ń fún wa. Ọ̀sán yẹn ni ó tó sọ ọ́ láti orí. Ikọ́ kò sì ṣáájú nínú rẹ̀ rí, kódà lẹ́ẹ̀kan. Agbo ni ó ń ṣáájú. Mo wá bi ara mi léèrè ọ̀rọ̀ tí ó rọrùn: àwa ti ń wí pé nítorí ikọ́ ni a ṣe ń rọ agbo. Ẹyẹ tí kò mọ ikọ́, tí kò mọ agbo, tí kò fẹ́ràn ẹnìkan tí kò sì kórìíra ẹnìkan, kí ni yóò mú un to ọ̀rọ̀ lódìkejì?

Mo wọlé, mo gbé ọmọ mi pọ̀n, mo ró ìró mìíràn lé e. Mo fẹ́ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Pọ́bẹ̀. Ó wà ní Ṣàkẹ́tẹ́ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n iwájú ṣọ́ọ̀bù àwọn àbúrò bàbá ọkọ mi ni ọ̀nà rẹ̀ gbà kọjá, kò sì sí bí wọn kò ṣe ní dá mi padà. Mo mọ̀ pé ọkọ̀ ojú irin ọ̀sán kò tíì kọjá.

Ní ìloro ni mo ti pàdé ìyá ọkọ mi, tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ́wọ́.

“Níbo?”

“Pọ́bẹ̀, Ìyá. Ilé ìwòsàn.”

“Ìwé tí o kà ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?”

“Rárá, Ìyá.”

“Ta wá ni?”

N kò lè dá a lóhùn pé odídẹrẹ́ ni. Mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn mi. “Ọ̀kan ti lọ níhìn-ín, Ìyá. Bí èkejì yóò bá lọ, kí ó lọ níbòmíràn. Kí n má rí ẹní rẹ̀ nínú yàrá yẹn.”

Ọmọ wúkọ́ lẹ́yìn mi, a sì jọ ń retí, èmi àti òun, kí àgbàlá dáhùn. Kò dáhùn.

“Dìde,” ni ó wí nígbẹ̀yìn. “Ṣé ìwọ nìkan ni yóò gbé orogún mi rékọjá ìloro? Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá fà á, ta ni yóò fà á padà? Ìwọ tí apá rẹ dà bí igi ìdáná?” Ó wọlé, ó sì jáde pẹ̀lú agbo nínú ìgò, ó fi gèlè wé e kí ó má baà tutù.

Nínú ọkọ̀, ó jókòó tì mí, ó gbé ìgò náà sí àyà bí ọmọ kejì. Igbó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin nígbà náà, ó sún mọ́ wa débi tí ewé ń nu ara fèrèsé. Ó di etí aṣọ tí mo fi pọn ọmọ mú, kò sì fi í sílẹ̀ títí a fi dé. Lójú ọ̀nà, ó ní kí n sọ ọmọ kalẹ̀ kí òun rọ ọ́, nítorí àkókò ti tó. Mo ní rárá. Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó wo mí bí ẹni pé ẹlòmíràn ni ó ń gba ẹnu mi sọ̀rọ̀.

Obìnrin kan ni ó ń tọ́jú aláìsàn ní ilé ìwòsàn náà, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Màdáàmù, tí ó ń sọ èdè wa bí ará Ìgànná. Ó fi ọ̀pá tí a fi ń mọ ooru ara sí abíyá ọmọ. Ó ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó wo ìhà tí ń wọnú, ó sì ń wo aago rẹ̀ bí àyà ọmọ ti ń lọ sókè sódò. Ó gbé ẹ̀rọ etí lé e lẹ́yìn, ó gbọ́ apá òsì, ó gbọ́ apá ọ̀tún, ó padà sí apá ọ̀tún nísàlẹ̀, ó sì pẹ́ níbẹ̀.

“Ó ń ta pàrà-pàrà níhìn-ín,” ni ó wí, “bí iyọ̀ tí a dà sínú iná. Òtútù àyà ni. Kí ni ẹ ń fún un?”

Ìyá ọkọ mi tú gèlè, ó gbé ìgò kalẹ̀, ó sì ka gbogbo ewé náà fún un, èèpo igi pẹ̀lú, láìfi ọ̀kan pamọ́. Màdáàmù ṣí ìgò, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì tọ́ ọ wò.

“Ìyá mi náà ń se é. Kò sí májèlé nínú rẹ̀. Báwo ni ẹ ṣe ń fún un?”

“Báwo ni a ṣe ń fún ọmọ ní agbo? Ṣé kò sí ìyá tí ó bí ọ ni?”

“Ó wà, Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi hàn mí.” Ó ká aṣọ ìnura kan, ó sì gbé e fún un bí ọmọ.

Ìyá ọkọ mi jókòó, ó na ẹsẹ̀. Ó tẹ́ aṣọ náà sí i, ó ká ọwọ́ òsì, ó sì fi ọwọ́ ọ̀tún ṣe bí ẹni tí ń da omi. Láìmọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí sọ ọ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, gẹ́gẹ́ bí àṣà rẹ̀: “Gbé e mì. Gbé e mì.” Mo di etí tábìlì mú. Ohùn tí mo gbọ́ ní ọ̀sán yẹn kọ́ ni, síbẹ̀ òun náà ni.

Màdáàmù fi ọwọ́ lé ọwọ́ òsì náà. “Ìyá, ìgbà tí ọwọ́ yìí bá wà níbí, níbo ni ọmọ yóò gbà mí?”

“Yóò gbé mì, yóò wá mí.”

“Bí ikọ́ bá gbé e ńkọ́, kí ó tó gbé mì? Oníkọ́ kò lè dá èémí dúró. Yóò fà á sínú, omi náà yóò sì tẹ̀lé e. Ọ̀nà ikùn kọ́ ni yóò gbà, ẹ̀dọ̀fóró ni. Ibẹ̀ ni yóò ti rà.”

Ó ti gbé abẹ́rẹ́ kaná nínú agolo kékeré bí ó ti ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí omi ti hó pẹ́, ó po oògùn pẹnisilíìnì, ó sì gún ọmọ ní itan. Ó ní ojoojúmọ́ ni yóò máa gbà á títí yóò fi ní kí a dáwọ́ dúró, kódà bí ara rẹ̀ bá tutù. Ó ní kí a máa gbé e ní ìdúró, kí a má tẹ́ ẹ gbalaja, kí n máa fún wàrà àyà mi sínú ife, kí a sì máa fi ṣíbí kán an sí i lẹ́nu, díẹ̀díẹ̀, ní àárín ikọ́ kan sí èkejì.

Ìyá ọkọ mi kò tíì dìde. Aṣọ ìnura ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

“Bí wọ́n bá ti rọ ọmọ kan bẹ́ẹ̀ pẹ́,” ni ó béèrè, “tí ó ń wúkọ́, tí wọn kò sì gbé e wá síbí?”

Màdáàmù ń fọ ọwọ́. Ó fọ̀ ọ́ ju bí ó ti yẹ lọ. “Àwọn kan máa ń yè é, Ìyá,” ni ó wí.

Ìyá ọkọ mi ká aṣọ ìnura náà, ó ká a dáadáa, etí sí etí, ó sì gbé e padà fún un.

A sùn níbẹ̀, lórí ẹní, nínú yàrá kan tí wọ́n kun ní ẹfun. Mo fún wàrà sínú ife, mo sì fẹ́ mú ṣíbí, ṣùgbọ́n ó na ọwọ́ sí i. Mo wo ọwọ́ náà. N kò mọ ohun tí ọkàn mi ń rò ní àkókò yẹn. Mo mọ̀ pé mo fún un. Ó gbé ọmọ dúró sí apá, ó kán wàrà sí i lẹ́nu, ó dúró, ó wò ó títí ó fi gbé mì, títí ó fi mí, kí ó tó kán òmíràn. Wàrà kán sílẹ̀ sórí ìró rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Kò wò ó. Bí a ti ń ṣe é nìyẹn ní gbogbo ọjọ́ tí a fi wà níbẹ̀, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ ju èyí tí ó kan ọmọ lọ.

Ní àárọ̀ kan, lẹ́yìn abẹ́rẹ́ mélòó kan, ara ọmọ tutù. Ó mu ọmú títí ó fi yó, ó sì sùn. Oòrùn ti wọlé dé ìdajì yàrá. Etí wa ti mọ ikọ́ náà lára tó bẹ́ẹ̀ tí ìdákẹ́jẹ́ náà fi dẹ́rù bà wá ju ikọ́ lọ. Àwa méjèèjì jókòó tì í, a ń tẹ́tí. Kò sí ìró kankan. N kò lè dìde wò ó. Mo ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ọmọ tí ó dákẹ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Òun ni ó tẹ̀ síwájú. Ó na ìka kan sí iwájú imú rẹ̀, kò fi kàn án, ó sì fi í síbẹ̀ pẹ́.

“Ó ń mí,” ni ó wí.

“Ṣé ó ń mí, Ìyá?”

“Mú ọwọ́ rẹ wá.” Ó fa ọwọ́ mi sún mọ́ tirẹ̀. Èémí rẹ̀ kan ìka mi, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó dúró díẹ̀, ó sì tún wá.